Mọ́tò iná níbi eruku, omi àti gáàsì: ìbéèrè tó máa ń wá jù nípa nọ́ńbà IP àti àmì Ex

Kí ni IP tó wà lára mọ́tò yẹn ń sọ gan-an?

Mọ́tò tí mò ń sọ níbí ni mọ́tò iná o, èyí tó ń yí pọ́ńpù, fáànù àti ẹ̀rọ ìlọ, kì í ṣe èyí tá a ń wọ̀ rìnrìn àjò. Lára pélétì irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ẹ máa rí IP pẹ̀lú nọ́ńbà méjì, bíi IP55. Ẹ má kà á pọ̀ bíi márùndínlọ́gọ́ta, márùn-ún àti márùn-ún ni, torí ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ti àkọ́kọ́ ń sọ bí ara mọ́tò ṣe ń dènà ọwọ́ èèyàn, irin àti eruku, ìkejì ń sọ bó ṣe ń dènà omi.

Ìwé ìlànà tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mọ́tò ni IEC 60034-5, ti àwọn ohun èlò iná yòókù wà nínú IEC 60529. Bẹ́ ẹ bá rí X dípò nọ́ńbà kan, bíi IPX5, ó túmọ̀ sí pé wọn ò sọ nǹkan kan nípa apá yẹn, ẹ má rò pé ó dáa, ẹ má sì rò pé odo ni.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ìdánwò ni nọ́ńbà yìí, wọ́n gbé mọ́tò tuntun síwájú eruku tàbí omi fún àkókò kan, wọ́n ṣí i, wọ́n wo inú ẹ̀. Omi lásán ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe ọṣẹ, kì í ṣe ásíìdì, kì í ṣe omi iyọ̀, nọ́ńbà yẹn ò sì sọ ohunkóhun nípa ìpẹtà tàbí bí rọ́bà inú ẹ̀ ṣe máa rí lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Eruku: ṣé ó pọn dandan kí n ra 6, àbí 5 ti tó?

Nínú ìdánwò eruku, wọ́n máa ń gbé mọ́tò sínú àpótí ńlá tí pọ́dà tálíkì ń fò kiri nínú ẹ̀, pọ́dà tó kúnná débi tó fi kọjá nínú asẹ́ tí ojú ẹ̀ ò ju ìdá 75 nínú 1,000 mìlímítà kan lọ. Bó bá jẹ́ 5, eruku díẹ̀ lè wọlé ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pọ̀ débi tó máa ba iṣẹ́ mọ́tò jẹ́. Bó bá jẹ́ 6, eruku kankan ò gbọdọ̀ wọlé rárá.

Ní tèmi, ohun tó ń pinnu ẹ̀ ni irú eruku tó wà níbẹ̀. Eruku tí iná ò lè gbà kọjá, bíi ti ìyẹ̀fun, sìmẹ́ńtì tàbí pákó, bí díẹ̀ bá wọ inú mọ́tò IP55 ó lè máà ṣe nǹkan kan fún ọdún púpọ̀ (mi ò tíì sọ̀rọ̀ ìbúgbàmù o, ìyẹn ń bọ̀ nísàlẹ̀). Ṣùgbọ́n eruku èédú tàbí ti irin ń gbé iná, díẹ̀ tó bà sí àárín orí wáyà mẹ́ta inú àpótí wáyà, tí ìrì wá kàn án, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í jò lójú ẹ̀. Fún irú ibẹ̀ yẹn, ẹ ra 6, ẹ má ṣe jíròrò ẹ̀ pẹ́.

Omi ńkọ́? Ṣé nọ́ńbà tó bá ti ga jù ló dáa jù?

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ibí gan-an ló sì ti ń rú àwọn èèyàn lójú. 4 ni omi tó ń ta sí i láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. 5 ni omi tí wọ́n fi hóòsì tú sí i, ẹnu hóòsì yẹn fẹ̀ tó 6.3 mìlímítà, omi lítà 12.5 ń jáde ní ìṣẹ́jú kan. 6 ni hóòsì tó lágbára jùyẹn lọ, ẹnu 12.5 mìlímítà, lítà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Láti 1 dé 6, èyí tó ga ti kó èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ mọ́ra.

Tó bá wá di 7, ọ̀rọ̀ yí padà. 7 túmọ̀ sí pé wọ́n ri mọ́tò sínú omi, tó jìn tó mítà kan, fún 30 ìṣẹ́jú. Omi tó dúró jẹ́ẹ́ ń tẹ ara mọ́tò láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ lọ́nà kan náà, hóòsì sì ń gún ojú kan ṣoṣo, nítorí náà mọ́tò tó yege nínú ìdánwò rírì lè kùnà lábẹ́ hóòsì. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí IP66/IP67 lára àwọn kan, wọ́n ṣe ìdánwò méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bó bá jẹ́ IP67 nìkan ni wọ́n kọ, ẹ má gbà pé hóòsì ò lè ṣe é ní nǹkan kan.

IP55 ni mọ́tò mi, ṣé mo lè fi ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi fọ̀ ọ́?

Rárá, ẹ jọ̀ọ́. Ìdánwò 5 yẹn, nǹkan bíi mítà 2.5 sí 3 ni wọ́n ti máa ń dúró tú omi, agbára omi yẹn ò sì ju ti hóòsì tí a fi ń bomi rin òdòdó lọ. Ẹ̀rọ ìfọmọ́ tẹ́ ẹ mú dání ń tú omi pẹ̀lú agbára tó ju ìyẹn lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tẹ́ ẹ sì wá gbé ẹnu ẹ̀ sún mọ́ ibi tí ṣáfútì ti jáde, rọ́bà síìlì ibẹ̀ á ká sẹ́yìn, omi á gba abẹ́ ẹ̀ lọ bá bẹ́árìn. Mọ́tò ò ní kú lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni bẹ́árìn á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, gíríìsì inú ẹ̀ á ti funfun bíi mílíìkì, ìyẹn ni àmì pé omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn.

Nǹkan mìíràn tí àwọn èèyàn kì í ronú kàn ni ìgbóná. Wọ́n á pa mọ́tò tó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, lójú ẹsẹ̀ wọ́n á da omi tútù lé e. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á tutù lójijì, á sún kì, á sì máa fa ohun tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà wọlé, omi ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kó tutù ná.

Bó bá jẹ́ ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi agbára fọ̀ lójoojúmọ́, mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ìyẹn wà, nọ́ńbà omi 9 ni ẹ máa wá lára ẹ̀. Ìdánwò tiẹ̀ jẹ́ omi gbígbóná 80 dígírì, láti ibi tó sún mọ́ mọ́tò gan-an.

Òjò ò pa á, ẹnikẹ́ni ò fọ̀ ọ́, ibo ni omi inú mọ́tò mi ti wá?

Ìrì ni. Mọ́tò ń mí. Bó bá ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á gbóná, á fẹ̀, díẹ̀ á gba ojú ṣáfútì jáde. Bí wọ́n bá pa á, afẹ́fẹ́ tó kù á sún kì, á fa tuntun wọlé láti ìta, pẹ̀lú ọ̀rinrin tó wà nínú ẹ̀. Ní òru tí ara irin bá tutù, ọ̀rinrin yẹn á di omi lára ògiri inú ẹ̀ bí ìrì ṣe ń sẹ̀ sára ewé. Ní ọjọ́ kejì wọ́n á tún tan án, wọ́n á tún pa á, díẹ̀díẹ̀ omi á ń pọ̀. IP66 ò dá èyí dúró, kódà ó lè mú un burú sí i, torí mọ́tò tó dí pinpin ń fa ọ̀rinrin wọlé ṣùgbọ́n omi tó ti kán nínú ẹ̀ ò rí ọ̀nà jáde.

Mo rí ọ̀kan báyìí tí mi ò ní gbàgbé. Mọ́tò pọ́ńpù kan ni, IP66, tuntun, pọ́ńpù ìrànwọ́ ni, wọn kì í lò ó ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ lọ́sẹ̀. Láàárín ọdún kan àbọ̀ iná bẹ̀rẹ̀ sí í já ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tan án. Nígbà tá a fi mẹ́gà, ẹ̀rọ tó ń wọn bóyá iná ń jò, wọn án, kò pé mẹ́gà-ọ́ọ̀mù kan láàárín kọ́ìlì àti ara irin. A ṣí i, omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ife tíì wà nísàlẹ̀, ìpẹtà sì ti fa ìlà yípo ibi tí omi dé. Ihò tó yẹ kí omi gbà jáde wà lára ẹ̀ o, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe mọ́tò yẹn láti jókòó lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, àwọn tó gbé e kalẹ̀ wá gbé e dúró lóòró, ṣáfútì kọjú sílẹ̀. Ihò tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ pátápátá wá di èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi sì jókòó sábẹ́ ẹ̀ ní àlàáfíà.

A tú u, a gbẹ ẹ́ nínú ófìnì ní nǹkan bí 90 dígírì mọ́jú, a gbé e sí 105 fún wákàtí mélòó kan sí i, mẹ́gà sì gòkè dáadáa. A pààrọ̀ bẹ́árìn méjèèjì. Lẹ́yìn náà a béèrè apá ìsàlẹ̀ tó ní ihò tiẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe mọ́tò náà, a sì fi híítà kékeré sínú ẹ̀, híítà tó máa ń tan fúnra ẹ̀ nígbà tí mọ́tò bá kú, tó sì máa ń kú nígbà tí mọ́tò bá tan. Kò ní láti gbóná púpọ̀, kó ṣáà jẹ́ kí inú mọ́tò móoru ju ìta lọ díẹ̀, ìrì ò ní sẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára àpótí wáyà pé iná híítà wà níbẹ̀ bí mọ́tò bá tiẹ̀ kú, torí ẹni tó bá wá tún un ṣe á pa súwíìṣì mọ́tò, á rò pé gbogbo ẹ̀ ti kú, iná híítà á sì gbé e.

Bí mo bá ṣí ihò ìsàlẹ̀ yẹn sílẹ̀, ṣé nọ́ńbà IP ò ní bàjẹ́?

Ó lè dín kù. Ihò tó ṣí gbayawu kì í ṣe IP66 mọ́. Ọ̀nà méjì ló wà: ìdérí tí wọ́n ṣe ní àkànṣe, tó ń jẹ́ kí omi kán jáde ṣùgbọ́n tí hóòsì ò lè gbà á wọlé, tàbí ìdérí lásán tẹ́ ẹ máa ń ṣí lásìkò ìtọ́jú, kí omi dà, kẹ́ ẹ tún dí i padà. Bí ẹ bá yan ọ̀nà kejì, ẹ kọ ọjọ́ ẹ̀ sílẹ̀, torí ohun tí wọn ò kọ sílẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀. Ẹ má fi dírílì lu ihò tuntun láéláé sára mọ́tò tó ní àmì Ex, ìyẹn àmì ohun èlò iná tí wọ́n ṣe fún ibi tí gáàsì tàbí eruku lè búgbàmù.

Kí ló dé tí mọ́tò IP66 fi kún fún eruku nínú àpótí wáyà?

Ẹ wo ibi tí wáyà ti wọlé. Gúláǹdì tí wọ́n fi sí i ni kò bá wáyà mu, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú gúláǹdì tó fẹ̀, wọ́n wá fi tépù yí i ká. Tàbí ihò kejì tí wọn ò lò, ìdérí ike tí wọ́n fi dí i nígbà tí wọ́n ń kó mọ́tò bọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìyẹn wà kí ìdọ̀tí má wọlé lójú ọ̀nà ni, kì í ṣe ìdérí iṣẹ́. Tàbí wọ́n ti ṣí àpótí rí, gásíkẹ́ẹ̀tì ká, wọ́n sì dí i padà bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára mọ́tò ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni, àmọ́ ibi tó bá rẹlẹ̀ jù lára gbogbo ẹ̀ ni nọ́ńbà yín gan-an.

Ẹ jẹ́ kí wáyà rọ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ gúláǹdì, kí omi tó ń bá wáyà bọ̀ kán sílẹ̀ níbẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹnu gúláǹdì kọjú sísàlẹ̀.

Bí eruku kankan ò bá lè wọ IP66, ṣé mo lè gbé e síbi tí gáàsì tàbí eruku lè búgbàmù?

Ẹ ò lè gbé e síbẹ̀, èyí ló sì ń já mi láyà jù nínú gbogbo ìbéèrè tó ń wá, torí ọ̀pọ̀ tó ń béèrè ti ra mọ́tò náà tán. IP ń sọ ohun tó ń wọlé. Kò sọ bí ara mọ́tò ṣe máa gbóná tó, kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kọ́ìlì bá jóná, kò sọ bóyá fáànù ẹ̀yìn lè gbo ìdérí ẹ̀ kí iná ta pàràpàrà. Gáàsì tiẹ̀ tún yàtọ̀, síìlì tó dá pọ́dà àti omi dúró ò lè dá gáàsì dúró, mọ́tò tó ń mí máa mí gáàsì náà sínú.

Ohun tẹ́ ẹ máa wá ni àmì Ex lára pélétì àti sáátífíkéètì tó bá a mu. IP wà nínú ohun tí àmì Ex ń béèrè, pàápàá fún eruku, ṣùgbọ́n IP nìkan ò di Ex.

Ṣé Ex d ni mọ́tò tí gáàsì ò lè wọ̀?

Òdìkejì ẹ̀ ni. Ex d gbà tẹ́lẹ̀ pé gáàsì máa wọlé, àti pé ó lè búgbàmù nínú mọ́tò lọ́jọ́ kan. Iṣẹ́ ara irin ẹ̀ tó nípọn ni pé kó má fọ́. Iná ìbúgbàmù yẹn á wá gba àárín irin méjì tó fẹnu kora jáde, ọ̀nà tó há tó sì gùn, débi pé nígbà tó bá máa fi yọ síta á ti tutù, kò ní lè ràn gáàsì tó wà níta. Ojú ìpàdé irin yẹn ló ń gba ẹ̀mí là.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fi ṣẹ́ńdà pa ojú ìpàdé yẹn, tí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà, tí wọ́n fi gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gé fúnra wọn sáàárín, tàbí tí wọ́n fi bóòtì mẹ́ta dè é dípò mẹ́rin, kì í ṣe Ex d mọ́, bó ti wù kó mọ́ tó lójú. Gíríìsì tí kì í gbẹ, tí kì í sì jẹ irin, tí ìwé mọ́tò gbà láyè, ni ẹ lè fi pa á kó má dípẹtà.

Ti eruku yàtọ̀, Ex t ni orúkọ ẹ̀. Tiẹ̀ ni pé kí eruku má wọlé, kí ara mọ́tò má sì gbóná débi tó máa ràn eruku tó bà lé e. Ẹ rí i pé ọgbọ́n méjèèjì kò jọra, ìdí nìyẹn tí Ex d ti gáàsì kò fi di ti eruku láìsí àmì tiẹ̀.

Ta ló máa sọ bóyá ibi iṣẹ́ mi jẹ́ sóònù 21 tàbí 22?

Kì í ṣe ẹni tó ń ta mọ́tò fún yín. Ẹni tó mọ ibẹ̀, tó mọ ibi tí eruku ti ń jáde, ìgbà tó ń jáde àti bó ṣe ń pẹ́ tó, ló máa pín in, kó sì wà nínú ìwé. Fún eruku, 20 ni ibi tí eruku ti ń fò nínú afẹ́fẹ́ ní gbogbo ìgbà tàbí fún ìgbà pípẹ́, bí inú sáílò. 21 ni ibi tó ti lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí iṣẹ́ ń lọ déédéé, bí ẹ̀bá ẹnu tí wọ́n ti ń da àpò. 22 ni ibi tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀, tó bá sì ṣẹlẹ̀, kì í pẹ́. Gáàsì ní 0, 1 àti 2 lọ́nà kan náà.

Nínú Ex t, mọ́tò tb ni wọ́n ń lò ní 21, tc ní 22. Ẹ lè fi tb sí 22, ẹ ò lè fi tc sí 21.

Ẹ bá mi ka èyí: Ex tb IIIC T125°C Db, IP66. Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ níbi ìyẹ̀fun?

Ẹ jẹ́ ká kà á láti apá òsì. tb: ó tó sóònù 21. IIIC: irú eruku ni, IIIA ni fọ́nrán tó ń fò bíi ti òwú, IIIB ni eruku tí iná ò lè gbà kọjá, IIIC ni èyí tó ń gbé iná bíi ti irin, ẹni tó bá sì tó IIIC ti tó àwọn méjì tó kù. T125°C: ara mọ́tò ò ní gbóná ju 125 dígírì lọ. Db ń tún ọ̀rọ̀ tb sọ lọ́nà mìíràn. Ìyẹ̀fun wà ní IIIB, nítorí náà títí débí kò sí wàhálà.

Ó ku ìgbóná, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fò ó. Ẹ nílò nọ́ńbà méjì látọ̀dọ̀ àwọn tó dán eruku yín wò: ìgbóná tí eruku tó ń fò nínú afẹ́fẹ́ fi ń ràn, àti ìgbóná tí eruku tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ga ní mìlímítà 5, fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ká ní wọ́n sọ pé 390 ni ti àkọ́kọ́, 300 ni ti ìkejì. Ti àkọ́kọ́, ẹ mú ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀, 390 á di 260. Ti ìkejì, ẹ yọ 75 kúrò, 300 á di 225. Èyí tó kéré jù ló jọba: ara mọ́tò ò gbọdọ̀ kọjá 225. 125 wà lábẹ́ ẹ̀ dáadáa, mọ́tò yín yẹ.

Ká wá ní eruku mìíràn ni, tí ti pẹrẹsẹ ẹ̀ jẹ́ 190. Ẹ yọ 75, ó ku 115. Mọ́tò kan náà, T125°C, kò yẹ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ IP66, bó tilẹ̀ jẹ́ tb. Ẹ má ṣe mú nọ́ńbà eruku ẹlòmíràn lò, torí bí eruku ṣe kúnná tó àti bó ṣe gbẹ tó ń yí i padà.

Eruku tó bo mọ́tò lórí ńkọ́? Ṣebí mọ́tò ti Ex ni.

Ìṣirò òkè yẹn dá lórí eruku tó ga ní mìlímítà 5 ni. Bó bá ti nípọn jùyẹn lọ, ó di bùláńkẹ́ẹ̀tì: ooru mọ́tò ò rí ọ̀nà jáde, ara irin lábẹ́ ẹ̀ ń gbóná sí i, eruku tó nípọn fúnra ẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní ìgbóná tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ewu ń gbà sún mọ́ra wọn. Ẹ máa wo àárín àwọn ìlà irin tó yọ lára mọ́tò, àti ẹnu ibi tí fáànù ẹ̀yìn ti ń fa afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ síwájú ìlà irin wọ̀nyẹn tẹ́ ò gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń kọjá, ẹnu fáànù ti dí nìyẹn. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ fẹ́ eruku yẹn dànù o, ẹ máa sọ eruku tó jókòó jẹ́ẹ́ di èyí tó ń fò, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku, tí wọ́n fọwọ́ sí fún irú ibẹ̀, gbé e kúrò.

Ẹ má sì gbàgbé bẹ́árìn. Ní February 7, 2008, ilé iṣẹ́ ṣúgà Imperial Sugar ní Port Wentworth, ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà búgbàmù, èèyàn 14 ló kú. Àjọ ìjọba tó wádìí ẹ̀ sọ pé inú ibi tí bẹ́líìtì ti ń gbé ṣúgà kọjá lábẹ́ sáílò ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fi páànù irin bo bẹ́líìtì yẹn ní ọdún tó ṣáájú, eruku wá ń kóra jọ nínú ẹ̀, bẹ́árìn tó gbóná jù ló sì jọ pé ó ràn án. Eruku tó ti jókòó káàkiri ilé náà ló wá gbé iná kiri lẹ́yìn ìyẹn. Mọ́tò yín lè ní gbogbo àmì tó yẹ, kí bẹ́árìn ohun tó ń yí má sì ní nǹkan kan.

Mo fẹ́ fi dráífù dín eré mọ́tò Ex kù, ṣé kò sí nǹkan?

Nǹkan wà. Fáànù ẹ̀yìn mọ́tò wà lórí ṣáfútì kan náà, bí mọ́tò bá ń falẹ̀, fáànù náà ń falẹ̀. Bí ẹrù ò bá sì dín kù, bíi ti bẹ́líìtì tó ń gbé nǹkan wúwo, iná tí mọ́tò ń fà ò dín kù, ooru ń pọ̀, atẹ́gùn ń dín. T125°C tó wà lára pélétì, orí iná tí kò gba inú dráífù kọjá ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, àyàfi bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó wà fún dráífù náà.

Ẹ wò ó nínú sáátífíkéètì pé wọ́n gbà á pẹ̀lú dráífù, àti eré tó kéré jù tó lè sá. Ẹ so tẹ́místọ̀ tó wà nínú kọ́ìlì, ohun kékeré tó ń mọ bó ṣe gbóná tó, mọ́ ohun tó máa já iná fúnra ẹ̀, kì í ṣe èyí tó kàn máa tan gílóòbù pupa lójú ẹnìkan tó lè máà sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ mọ́tò ńlá, ẹ béèrè nípa iná tó máa ń gba inú bẹ́árìn kọjá, dráífù máa ń fà á.

Mọ́tò Ex mi jóná, ṣé rìwáyà àdúgbò lè wé e?

Wíwé kọ́ìlì nìkan kọ́ ni iṣẹ́ náà. Ìwé ìlànà tiẹ̀ ni IEC 60079-19, ẹni tó bá máa ṣe é gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kó sì ní ohun tó máa fi wọn àlàfo ojú ìpàdé irin kó tó dè é padà. Bí wáyà tó lò bá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ìgbóná mọ́tò ti yàtọ̀, T tó wà lára pélétì ò sì jẹ́ òótọ́ mọ́.

Bí ẹni náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi sílíkóònù pa gbogbo ojú ìpàdé kó lè dí dáadáa, ẹ gba mọ́tò yín lọ́wọ́ ẹ̀. Bí wọn ò bá lè tún un ṣe bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀, ẹ yọ pélétì Ex kúrò, ẹ gbé e lọ síbi tí kò sí gáàsì tàbí eruku, ó ṣì lè ṣiṣẹ́ bíi mọ́tò lásán níbẹ̀.

Gáàsì àti eruku wà níbì kan náà, èwo ni kí n rà?

Mọ́tò tó ní àmì méjèèjì lára, ìlà kan fún gáàsì, bíi Ex db IIB T4 Gb, ìlà kan fún eruku, bíi Ex tb IIIB T125°C Db. Ẹ ṣàyẹ̀wò ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. T4 ti gáàsì ń sọ 135 dígírì, ti eruku ń sọ 125, kò sí ìjà níbẹ̀, ti kálukú ni kẹ́ ẹ fi wé ohun tó wà níbi iṣẹ́ yín.

Ẹ tún mọ̀ pé nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún gáàsì àti fún eruku ò ka ohun tó ṣẹlẹ̀ bí méjèèjì bá dà pọ̀. Eruku tí kò tíì tó láti jó fúnra ẹ̀, bí gáàsì díẹ̀ tí òun náà ò tíì tó bá dà mọ́ ọn, àpapọ̀ wọn lè jó, ohun kékeré tí kò lè ràn eruku yẹn lásán sì lè tó láti ràn án. Irú ibẹ̀ yẹn, ẹ má fi pélétì mọ́tò parí ẹ̀, ẹ pe ẹni tó máa gbé eruku àti gáàsì yín lọ dán wò pọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó mọ́tò.